Ṣé agbe ni kíkọ iye owó sí pósítà kọ́ńsáàtì ìkówójọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò kan l'Óṣogbo ni. Ìjì ṣí òrùlé ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, a wá fẹ́ ṣe kọ́ńsáàtì ní oṣù kọkànlá láti fi kówó jọ. Ẹ bá wa wá ọ̀rọ̀ dídùn tó máa wọ àwọn èèyàn lára sí pósítà. Àwòrán olóyè mẹ́sàn-án máa wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ká má kọ iye tí à ń wá, wọ́n ní ó dà bí agbe, ká kàn kọ "fún ìdàgbàsókè àdúgbò wa". Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ọ̀rọ̀ dídùn kọ́ ló sì kù sí pósítà yín.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi agbe yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ó ti sú mi. Àìmọye ẹgbẹ́ ló ń gbé "fún ìdàgbàsókè" wá bá àwa tí à ń tẹ pósítà. A ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn, wọn ó lẹ̀ ẹ́ kiri ìgboro, lẹ́yìn kọ́ńsáàtì wọn ó ní àwọn aráàlú ò lójú àánú. Ẹ tiẹ̀ wò ó dáadáa: ta ló ń ṣagbe? Ẹni tó nawọ́ tó ní kí ẹ ṣáà ràn òun lọ́wọ́, tí kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, tí kò sọ iye tó máa tó o, alágbe nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé páànù ló kù, iye báyìí ni, apá kan ti wà nílẹ̀, ọ̀wẹ̀ ló ń bẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀ yín lọ́wẹ̀, ẹ mọ oko ẹni tí ẹ ń lọ, ẹ mọ̀ bóyá ebè lẹ máa kọ tàbí ilé lẹ máa mọ, ẹ sì mọ ìgbà tí iṣẹ́ máa parí. Kò sí ẹni tó ń pe ọlọ́wẹ̀ ní alágbe.

Ohun tí "ìdàgbàsókè" ń ṣe lọ́kàn ẹni tó kà á nìyí. Èkíní, ó rán an létí owó tí wọ́n dá fún tàǹsífọ́mà lọ́jọ́sí, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣírò rẹ̀ fún un. Èkejì, ẹni tó ní ₦2,000 lọ́wọ́ á rò pé tòun kéré jù láti mú jáde, ẹni tó sì ní ₦100,000 á rò pé àwọn olóyè tí àwòrán wọn wà lókè yẹn á ṣe é. Àwọn méjèèjì á jókòó sílé. Kì í ṣe pé wọn ò lójú àánú, ẹ ò fi ibi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe tiyín bí àpẹẹrẹ. Ẹ pe káfíńtà kó gun ilé náà, kó wọ̀n ọ́n, kó kọ iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ká ní ó sọ pé igi àti owó iṣẹ́ jẹ́ ₦1,100,000, tí èyí sì ti wà lọ́wọ́ yín. Ká ní páànù 150 ló kù, tí ẹyọ kan pẹ̀lú ìṣó rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Ohun tó kù nìyẹn, ₦1,800,000. (Àpẹẹrẹ ni mo mú wá o, ẹ má kọ iye tèmi sí pósítà yín. Owó páànù kì í dúró lójú kan, nítorí náà ẹ kọ oṣù tí ẹ yẹ ọjà wò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.)

Ẹ má fi ₦1,800,000 ṣe àkọlé. Owó ńlá máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Páànù 150 ni kó lọ sókè, torí ẹnikẹ́ni tó ti kọ́lé rí mọ páànù. Bí owó ìwọlé bá jẹ́ ₦1,000, èèyàn méjìlá ti ra páànù kan nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ra páànù kan fúnra rẹ̀ mọ iye tó máa mú dání, olówó náà sì mọ ohun tí páànù ogún máa ná an. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kan náà ló ń fi hàn pé owó ìwọlé nìkan kò lè ṣe é: èèyàn 1,800 lẹ máa nílò, mi ò sì rò pé pápá yín gbà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ àdúgbò tó wà l'Ékòó àti lókè òkun fi gbọ́dọ̀ rí ibi tí wọ́n máa sanwó sí lórí pósítà kan náà.

Mo bá yín kọ ọ́ báyìí:

PÁÀNÙ 150 LÓ KÙ!
Ẹ wá ká jọ bo ilé ìwòsàn wa

SÁTIDÉ, ỌJỌ́ 14 OṢÙ KỌKÀNLÁ, ỌDÚN 2026
Ẹnu ọ̀nà ṣí ní aago 3 ọ̀sán
Orin bẹ̀rẹ̀ ní aago 4, a ó parí ní aago 8 alẹ́
(orúkọ pápá, àti ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nítòsí rẹ̀)

Ìjì ṣí òrùlé ilé ìwòsàn alábọ́dé wa. Igi àti owó káfíńtà ti wà nílẹ̀. Páànù kan pẹ̀lú ìṣó rẹ̀ jẹ́ ₦12,000.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àga yín wà ní iwájú. A ó dá orin dúró fún ìrun Màgàríbì, àyè ìrun àti omi wà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò ní sanwó. Ẹ mú àlejò dání o, oúnjẹ wà ní títà.

Owó ìwọlé: ₦1,000
Ẹ kò ní lè wá? (orúkọ ẹgbẹ́, báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì)
A ó ka ìṣirò owó sí etí gbogbo wa ní Sátidé, ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá, níwájú ilé ìwòsàn.

Ẹ rí i pé mi ò kọ "tìfẹ́tìfẹ́" tàbí "tọ̀yàyàtọ̀yàyà" síbẹ̀. Gbogbo pósítà ló ń kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Ohun tó ń fi ọ̀yàyà hàn ni pé ẹni tó ń kà á rí i pé ẹ ti ro tòun. Ìyá tí orúnkún ń dùn á rí àga, Mùsùlùmí á rí ìrun rẹ̀, abiyamọ á rí i pé àwọn ọmọ òun kò ní sanwó. Bí ẹ ò bá lè tọ́jú àga yẹn ní tòótọ́, ẹ yọ ìlà náà kúrò.

Ìlà ìṣirò owó làwọn àgbà yín máa kọ́kọ́ fẹ́ fagi lé. Ẹ má gbà. Òun ló ń dáhùn ọ̀rọ̀ tàǹsífọ́mà láì dárúkọ rẹ̀.

Ọdún gbọ́dọ̀ wà lára ọjọ́, torí pósítà máa ń pẹ́ lára ògiri. "Sátidé tó ń bọ̀" kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Kí ẹ sì wo ojú kàlẹ́ńdà fúnra yín pé ọjọ́ 14 bọ́ sí Sátidé lóòótọ́, ẹ má fi ti ẹni tó ń tẹ̀wé ṣe.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà "gbogbo". Ẹgbẹ́ a máa kọ "gbogbo owó tí a bá pa ló ń lọ sí òrùlé", nígbà tó jẹ́ pé láti inú owó ìwọlé yẹn ni wọ́n ti fẹ́ san owó jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti olórin. Irọ́ nìyẹn, ó sì lè di ẹjọ́. Bí ẹnìkan bá ti bá yín san owó ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀, tí olórin sì gbà láti kọrin lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ "gbogbo". Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ "owó tó bá kù lẹ́yìn ìnáwó". Bákan náà, ẹ má tẹ orúkọ olórin kankan títí òun tàbí mánéjà rẹ̀ á fi fọwọ́ sí ìwé. Àwọn tó bá sanwó nítorí rẹ̀, ọwọ́ yín ni wọ́n máa béèrè rẹ̀.

Ẹ má kọ "ẹ wá náwó fún olórin" síbẹ̀, ẹ má sì fi àwòrán ẹni tó ń lẹ owó mọ́ olórin lórí ṣe ọ̀ṣọ́. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé fífọ́n náírà tàbí jíjó lé e lórí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì ni, wọ́n sì ti rán gbajúmọ̀ lọ sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀ ní ọdún 2024. Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ gbé sí iwájú. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò o, ẹ bi agbẹjọ́rò léèrè bí ó bá ṣì rú yín lójú.

Àwòrán olóyè mẹ́sàn-án ńkọ́? Ìwé A3 kò ju sẹ̀ǹtímítà 29.7 ní fífẹ̀ àti 42 ní gíga lọ. Bí orí mẹ́sàn-án bá wọ ibẹ̀ tán, ìsàlẹ̀ ni ọjọ́ àti ibi ìpàdé máa há sí, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kò sì ní rí i kà. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ìlà kan, kí ẹ gbé àwòrán wọn sórí báńnà ńlá ní pápá, inú wọn á tiẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti Kábíyèsí Àtáọ́ja, ẹ má fi orúkọ tàbí àwòrán wọn sí i láì kọ́kọ́ gba àṣẹ láàfin.

Nọ́ńbà àkáǹtì ló kù. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó jẹ́, kó má jẹ́ ti alága tàbí ti akápò, bó ti wù kí ẹ fọkàn tán an tó, kó sì jẹ́ èyí tí ẹni méjì ó kéré tán ń fọwọ́ sí. Nígbà tí wọ́n bá tẹ ẹyọ kan àkọ́kọ́ jáde fún yín láti yẹ̀ wò, ẹ má ti orí ka nọ́ńbà yẹn. Kí ẹnìkan tí kò mọ̀ ọ́n ti ara ìwé náà tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí fóònù bí ẹni fẹ́ fi ₦100 ránṣẹ́, kó sì sọ orúkọ tó jáde. Ẹ wo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ náà, torí fọ́ǹtì míì máa ń sọ "ọ̀" di àpótí òfìfo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ pe ọmọ ilé-ìwé kan tó ń kọjá kó ka ọjọ́ àti àkọlé fún yín. Bí kò bá lè kà á, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ fẹ lẹ́tà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ ìyókù títí ẹ ó fi ṣe èyí tán. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ kiri, ẹ bi kánsù léèrè ibi tí wọ́n fàyè gbà, kí ẹ sì kúrò lára ògiri tí onílé bá ti kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni má lẹ pósítà.