Owó ilé Màámi ní Ìkòròdú: wo ìsọ̀rí tí wọ́n fi ilé sí kó o tó sanwó

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ìwé Land Use Charge ilé Màámi ní Ìkòròdú ti wọlé, wọ́n ní ká san ₦94,560. Màámi ló ni ilé, òun ló ń gbé ìsàlẹ̀, ayálégbé kan ló wà lókè. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mo wà. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

Àbúrò mi, má tíì san án. Ó jọ pé owó yẹn ti pọ̀ jù, inú ìwé náà gan-an lo sì ti máa rí ibi tó ti wọ́.

Bí ìjọba Èkó ṣe ń ṣírò Land Use Charge, owó tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún lórí ilé àti ilẹ̀, lábẹ́ òfin 2020 nìyí:

```
LUC = M x [(LA x LV) + (BA x BV x PCR)]
```

LA ni bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó, LV ni iye tí mítà onígun mẹ́rin kan ilẹ̀ ń lọ ládùúgbò yín. BA ni bí ilé ṣe tóbi tó, òkè àti ìsàlẹ̀ lápapọ̀; BV ni iye tí wọ́n fi lé mítà kan ilé. PCR ló ń mú iye ilé lọ sókè tàbí wálẹ̀, bó bá ṣe níye lórí sí láàárín àwọn ilé àdúgbò, àti ibi tí wọ́n bá kọ́ ọ dé. M ni ìdá tí wọ́n máa mú nínú àpapọ̀ iye náà.

Jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tó máa já sí owó tìrẹ ṣe é. Ká ní ilẹ̀ jẹ́ mítà 640, mítà kan sì jẹ́ ₦25,000: mílíọ̀nù 16 nìyẹn. Ká ní ilé jẹ́ mítà 240, ₦125,000 lórí mítà kan, PCR rẹ̀ sì jẹ́ 0.8: mílíọ̀nù 24. Àpapọ̀ wọn di mílíọ̀nù 40. Nínú èyí, wọ́n á yọ 40% kúrò, ẹ̀dínwó tó wà fún gbogbo onílé. Mílíọ̀nù 16 ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, mílíọ̀nù 24 tó kù ni wọ́n máa gba owó lé lórí.

Ìdá ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé tí onílé nìkan ń gbé, 0.0394% ni, kò tó ogójì kọ́bọ̀ lórí ẹgbẹ̀rún náírà kan. Ilé tí onílé àti ayálégbé jọ ń gbé, 0.132%. Ilé tí onílé ò sí níbẹ̀ rárá, tó jẹ́ ayálégbé ló kún inú rẹ̀, 0.394%. Wá fi mílíọ̀nù 24 sí i: ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦9,456, ti ìkejì ₦31,680, ti ìkẹta ₦94,560. O rí i? Iye tó wà lọ́wọ́ rẹ ni ti ìkẹta. Bí ìdá tó wà nínú ìwé rẹ bá jẹ́ 0.394% lóòótọ́, a jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ gbà pé kò sí onílé nínú ilé. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wà lókè òkun nìyẹn: ẹni tó wá wo ilé bá ayálégbé lẹ́nu ọ̀nà, kò bi í pé ta ló ń gbé ìsàlẹ̀.

Má sì retí ₦9,456 o, nítorí ayálégbé tó wà lókè yẹn. ₦31,680 ni kó o bèèrè. Bó o bá lọ sọ pé Màámi nìkan ló ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n wá bá mítà iná méjì lára ògiri, wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ tó kù gbọ́ mọ́.

Kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yí ìsọ̀rí ilé náà padà, kó sì dé ọ́fíìsì wọn kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé tó kọjá. Fi nọ́ńbà ilé tó wà lórí ìwé sí i, ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ tó jẹ́ orúkọ Màámi, bíìlì iná ti ìsàlẹ̀, àti fọ́tò ilé láti iwájú. Bí Màámi bá ti pé ẹni 70 ọdún, sọ ọ́ nínú lẹ́tà kan náà, kó o sì fi ẹ̀rí ọjọ́ orí sí i, torí ẹ̀dínwó wà fún àgbàlagbà onílé. Kí ẹni tó bá gbé e lọ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa mú bọ̀.

Kí ẹnì kan fi téèpù wọn ilé náà pẹ̀lú. Lórí ilé tèmi, wọ́n ka òkè tí a ò tíì kọ́ parí, tí kò ní òrùlé, mọ́ ilé tí èèyàn ń gbé. Fọ́tò mẹ́ta péré ni mo fi ránṣẹ́, BA sì wálẹ̀.

Bí ìwé tuntun bá ti dé, fúnra rẹ ni kó o san án láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Lọ́dún kan, mo fowó rán ẹnì kan nílé. Rìsíìtì dé lóòótọ́, nọ́ńbà ilé ẹlòmíì ló wà lórí rẹ̀, èmi ni mo sì tún san tèmi lẹ́ẹ̀kejì.