Èlé ilé àti èlé ibí: ẹ kọ́kọ́ wá ààlà dọ́là

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mo ti tọ́jú owó dọ́là díẹ̀ níbi iṣẹ́ mi lókè òkun. Báńkì ibí ń fún mi ní èlé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ilé ní àwọn máa san ìdá 20. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì kó o. Owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni báńkì méjèèjì máa fi san èlé yín, torí náà 20 àti 5 yẹn kò ṣeé gbé síra wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá iye tí dọ́là máa dé nílé kí èlé ńlá yẹn tó di òfo.

Ẹ wo Íjíbítì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, nǹkan bíi pọ́n-ùn 31 ni báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kan níbẹ̀. Ká ní ẹnì kan ṣẹ́ dọ́là 1,000, ó gba 31,000, ó sì fi pamọ́ fọ́dún kan ní èlé ìdá 20. Á di 37,200. Ká ní ó fi dọ́là rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdá 5, á di 1,050. Ẹ wá fi 1,050 pín 37,200, ẹ máa rí 35 àti díẹ̀. Ààlà nìyẹn: bí dọ́là kò bá tó 35 lópin ọdún, ilé ló pé, bó bá kọjá rẹ̀, ibí ló sàn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2024, báńkì àpapọ̀ wọn dẹwọ́ lórí iye pọ́n-ùn tí wọ́n dì mú, wọ́n jẹ́ kí ọjà máa pinnu rẹ̀, dọ́là sì fò sókè dé nǹkan bí 50. Bí ẹni yẹn bá fẹ́ dá owó rẹ̀ padà sí dọ́là, 744 péré ló máa bá, pẹ̀lú gbogbo èlé náà.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé àmì ti wà nílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, dọ́là ti kọjá 60 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó níta, nígbà tí báńkì ṣì ń pe 31. Nígbà tí iye báńkì àti iye ìta bá jìnnà síra báyìí, ẹ má ṣẹ́ owó ńlá ní iye báńkì kẹ́ ẹ lọ tì í mọ́ ibì kan fọ́dún kan.

Owó tẹ́ ẹ máa ná nílé láàárín oṣù díẹ̀, bí owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó àwọn òbí, yàtọ̀. Ẹ máa fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí àkókò rẹ̀ bá ṣe ń tó. Èyí tẹ́ ẹ máa ná níbi tẹ́ ẹ wà, tàbí tẹ́ ẹ kò tíì mọ ibi tẹ́ ẹ máa ná an sí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa ṣe ìṣirò yìí. Ẹ tún béèrè bóyá ìjọba ibi tẹ́ ẹ wà máa gba owó orí lórí èlé tó wá láti ilé, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń gbà á, ó sì máa ń fa ààlà yẹn wálẹ̀ sí i.