Ìlù orin jẹ́jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà: ọwọ́ méjì péré ni onílù ní

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Orin jẹ́jẹ́ kan ni mò ń ṣe ní 66 BPM, níbí ní Àjàṣẹ́. Ìlù tí mo tò dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo fi gósì nóòtì, àwọn ìró sínéà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn, sí i, ó tún burú sí i. Velocity, ìyẹn agbára tí a fi lu ìró, mélòó ni kí n fún wọn, báwo ni mo sì ṣe máa sún ìlù kúrò lórí gíríìdì?"

Àbúrò mi, mo kí ẹ láti Kétu. Má tẹ Humanize, bọ́tìnnì tó ń ṣàdédé yí àkókò àti agbára ìlù padà. Jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bà mí lọ́kàn jẹ́.

Orin ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin ni mo ń ṣe, oṣù mẹ́ta ni mo fi tò ó. Nígbà tí ìlù rẹ̀ le gbagidi bíi tìrẹ, mo gbé e lọ sí sítúdíò kan ní Kùtọnu, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí gbogbo ènìyàn ń júbà. Kò gbọ́ orin náà dópin. Ó yan gbogbo ìlù pọ̀, ó tẹ Humanize, ó fà á dé 50%, ó ní ó ti parí, ó sì gba fáráǹkì sefà 40,000 lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé kí ló yí padà, ó ní kò lè yé mi. Mo dákẹ́, torí mo rò pé ọ̀gá ni.

Nígbà tí mo délé, mo gbọ́ ohun tó yí padà. Ìlù ẹsẹ̀ ti kúrò lábẹ́ béèsì: ìgbà mìíràn ó ṣíwájú, ìgbà mìíràn ó tẹ̀ lé e, ìsàlẹ̀ orin wá rọ bí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀. Sínéà àti háyáàtì tó yẹ kí wọ́n bọ́ pọ̀ ní bíìtì kejì ń dún "tà-pà". Gósì nóòtì tí mo fi sí 25, òmíràn ti gòkè dé 60, ó ń ta sí etí bí òkúta tó bọ́ sórí páànù. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lò ó níbi ìgbéyàwó, nítorí ọjọ́ ti pé. Onílù ìjọ wa tẹ́tí sí i, ó wá bi mí pé, "Ọwọ́ mélòó ni onílù yìí ní?" Ojú tì mí gan-an. Ìbéèrè yẹn ló kọ́ mi ju ọ̀gá Kùtọnu lọ.

Mo lọ jókòó ti onílù yẹn ní ilé ìjọsìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Tó bá fẹ́ lu sínéà ní bíìtì kejì àti ìkẹrin, ọ̀pá rẹ̀ máa ń gòkè dé àyà. Fún gósì nóòtì, kò ju ìka méjì sí mẹ́ta lọ sókè awọ, ó kàn ń jẹ́ kí ọ̀pá ṣubú fúnra rẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí háyáàtì ní gbogbo àkókò yìí, torí náà àárín ìró háyáàtì méjì ni ìró kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wọ̀nyí máa ń bọ́ sí. Bí o bá fi wọ́n sí ibi tó wù ẹ́, etí á mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń lù ú.

Ohun tí mo ń tò báyìí nìyí, báà kan, àyè mẹ́rìndínlógún. 42 ni háyáàtì tí a tì pa, 38 ni sínéà, 36 ni ìlù ẹsẹ̀. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ni Velocity:

```
42 | 72 -- 52 -- | 70 -- 54 -- | 73 -- 50 -- | 71 -- 55 --
38 | -- -- -- -- | 96 -- -- 24 | -- 31 -- -- | 99 -- -- --
36 | 94 -- -- -- | -- -- -- -- | -- -- 82 -- | -- -- -- --
```

Gósì nóòtì méjì péré, 24 àti 31. Ìkejì ga díẹ̀ torí ó ń ti ìlù ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e síwájú. Má jẹ́ kí èyíkéyìí ju 40 lọ nínú orin jẹ́jẹ́. Wo háyáàtì: èyí tó wà lórí bíìtì wúwo ju ti àárín lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni apá ènìyàn ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí nìkan á mú ìdajì ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò. Ní báà kẹrin, yọ gósì nóòtì kan, kí o yí nọ́ńbà díẹ̀ padà. Báà kan tí a dà kọ nígbà ogún, etí máa ń dá a mọ̀ kíákíá.

Ti àkókò wàyí. Ní 66 BPM, bíìtì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 909 ms, àyè kan sì jẹ́ 227 ms. Ìlù ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí gíríìdì, torí béèsì ń tẹ̀ lé e. Níbí ní Kétu, o mọ bí omele ṣe máa ń dúró gbọn-in kí ìyáàlù lè rí àyè sọ̀rọ̀. Sínéà ní bíìtì kejì àti ìkẹrin, fà á sẹ́yìn ní 10 sí 14 ms, ní gbogbo báà, láìyẹ̀. Ìyẹn ni kò yé ọ̀gá mi: onílù kì í ṣàdédé tètè lónìí kó pẹ́ lọ́la. Ó ní ibi tó ń fara tì, ó sì máa ń fara ti ibẹ̀ títí orin fi parí. Háyáàtì tó bọ́ pọ̀ mọ́ sínéà, fà á sẹ́yìn ní 6 ms, kí wọ́n má baà pín sí "tà-pà". Gósì nóòtì, 5 sí 8 ms. Lẹ́yìn ìyẹn lo tó lè jẹ́ kí ìró tó o ti fà sẹ́yìn fì sí ọ̀tún tàbí òsì ní 2 tàbí 3 ms, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ń pín bíìtì sí 480, ìpín kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2 ms, torí náà 12 ms jẹ́ ìpín mẹ́fà. Tọ́jú ẹ̀dà kan kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ Quantize, tó ń dá gbogbo ìró padà sórí gíríìdì, á da iṣẹ́ alẹ́ kan nù. Mo ti ṣe é rí.

Bóyá ohun tó mú tìrẹ burú sí i kì í ṣe nọ́ńbà. Lu 38 ní 30, kí o gbé ohùn rẹ̀ sókè títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà ní 100. Bí méjèèjì bá dún bákan náà, a jẹ́ pé ìró kan ṣoṣo ni wọ́n gbà sílẹ̀, tí wọ́n kàn ń dín in kù. Ìlù tí a fọwọ́ kàn jẹ́jẹ́ kì í dán bí èyí tí a lù kíkankíkan. Gbé gósì nóòtì lọ sí tíráàkì tiwọn, kí o gé òkè ohùn wọn kúrò láti nǹkan bí 4 kHz.

Tíráàkì ọ̀tọ̀ yẹn á gbà ẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀ pẹ̀lú. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó le lórí sínéà máa ń tẹ ìró ńlá mọ́lẹ̀, tí wọ́n bá sì gbé gbogbo rẹ̀ sókè padà, gósì nóòtì tó o fi sí 24 á máa pariwo. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe míísì orin rẹ, má sanwó kó o tó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ, ohun yòówù kó máa pe ara rẹ̀.

Tó o bá tò ó tán, pa tíráàkì gósì nóòtì náà láàárín orin. Bó bá ṣe bí ẹni pé ìlù dúró lójijì, wọ́n ti pọ̀ jù, dín wọn kù sí 20. Bí o kò bá mọ ìyàtọ̀ kankan, gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀. Bí orin bá kàn gbẹ díẹ̀, tí o kò sì lè sọ ohun tó kúrò, fi wọ́n síbẹ̀. Fi báà mẹ́rin ránṣẹ́ síbí, màá gbọ́ ọ lálẹ́.