Ìbéèrè kan tí mo máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà sólà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣágámù ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ sólà. Bí ènìyàn bá kọ̀wé sí mi lórí Wáàsáàpù pé òun fẹ́ ṣe sólà, èló ni, ìbéèrè 13 ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí i: iye yàrá, iye gílóòbù, irú òrùlé, wákàtí tí Nẹ́pà ń fún wọn níná, owó tó wà lọ́wọ́ wọn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fèsì mọ́. Àwọn tó bá fèsì, ìbéèrè ìkẹyìn nìkan ni wọ́n ń dáhùn. Èwo ni kí n yọ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, yọ 12. Èyí tó kù nìyí, bí èmi ṣe máa ń kọ ọ́ gan-an:

“Ẹ káàsán o. Yàtọ̀ sí gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, kí ni ẹ tún fẹ́ kí sólà náà máa gbé?”

Ìbéèrè yìí nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ lè sọ iye owó di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Mú ìwé, kí a jọ ṣírò. Gílóòbù 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáátì 9 jẹ́ wáátì 45. Fáànù 2 jẹ́ bíi 140. Tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú dẹkódà rẹ̀ kò ju bíi 80 lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáátì 265. Bí wọ́n bá fi wákàtí 6 lò ó lálẹ́, ohun tí bátìrì máa gbé sílẹ̀ kò tó wáátì-wákàtí 1,600. Ìnfátà kékeré, kéfíéè 1, máa gbé e láìlàágùn. Bátìrì olómi fóòtì 12, áńpíà 200, méjì máa gbà á, kódà bí o bá fi ìdajì agbára wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè pẹ́, nítorí ìdajì tó kù yẹn ṣì jẹ́ wáátì-wákàtí 2,400.

Wàyí o, ká ní gílóòbù oníbàárà náà jẹ́ 8, tí kì í ṣe 5. Wáátì 27 lo fi kún un. Ìnfátà kò yí padà, bátìrì kò yí padà. Kí wá ni o ń béèrè iye gílóòbù fún? Iye yàrá náà ńkọ́? Yàrá kì í jẹ iná.

Ṣùgbọ́n bí ó bá dáhùn pé fíríìjì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Fíríìjì ilé lè máa lo wáátì 150 péré bí ó bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ gbéra, ó máa ń fa ìlọ́po-ìlọ́po iye yẹn. Ìnfátà kéfíéè 1 lè tìtorí ẹ̀ pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tọ̀sán-tòru ni fíríìjì ń jẹ iná. Wáátì-wákàtí bíi 1,200 sí 1,500 lè lọ lórí rẹ̀ lójúmọ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí ilé yẹn ń jẹ lálẹ́. Ìnfátà máa ga sí i, bátìrì máa pọ̀ sí i, páńẹ́ẹ̀lì náà máa pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu oníbàárà ló fa gbogbo èyí.

Wo bí mo ṣe to ìbéèrè náà. Mi ò béèrè iye wáátì, nítorí ẹni tó bá mọ wáátì rẹ̀ kì í kọ “èló ni” sí wa. Mi ò béèrè pé ṣé ẹ ní fíríìjì, torí bí ó bá ní “rárá” mo ṣì ní láti béèrè firísà, kí n tún béèrè pọ́ńpù, kí n tún béèrè éásì, ìyẹn ni pé mo ti padà sínú ìbéèrè 13 rẹ. “Kí ni ẹ tún fẹ́” ń jẹ́ kí ó sọ ti ara rẹ̀. Mo sì kọ́kọ́ dárúkọ gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kí ó lè mọ̀ pé àwọn yẹn ti wà nínú rẹ̀, kò ní máa kà wọ́n fún mi. Ènìyàn tó dúró níwájú ọjà rẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò kan tẹ fóònù, á lè dáhùn rẹ̀.

Owó tó wà lọ́wọ́ wọn ni ìbéèrè tó burú jù nínú tìrẹ, bí o bá fi ṣáájú. Ará ilé wa ni ẹ̀yin náà, ẹ mọ̀ wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí o bá bi léèrè iye tó ní kí o tó sọ iye ọjà rẹ, á gbà pé iye tó bá dá lo máa gbà.

Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Òkè-Àjé, ní Ìjẹ̀bú-Òde, fi irú ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi: sólà, èló ni. Mo fi ìbéèrè mi sí i. Èsì rẹ̀ kò gùn: “Firísà méjì ni o. Mi ò nílò tẹlifíṣọ̀n, ṣọ́ọ̀bù ni.” Bí mo bá ti rán ìbéèrè 13, iye yàrá ni ì bá kọ́kọ́ kà, á sì rò pé mi ò gbọ́ ohun tí òun ń wí. Nínú èsì kúkúrú yẹn, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ilé ni, pé ọ̀sán ni iná wà fún, pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ méjì ló máa gbéra. Inú ìdáhùn náà ni ìbéèrè kejì ti jáde: “Bí wọ́n bá mú iná lọ láti alẹ́ di àárọ̀, ṣé ẹja náà máa ń yọ́ àbí ó ṣì máa ń le?” Ó ní bí firísà bá kún tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i, ẹja á ṣì le gbagidi láàárọ̀.

Ìdáhùn kejì yìí yọ owó ńlá kúrò lórí iṣẹ́ náà. Firísà bẹ́ẹ̀ lè jẹ wáátì-wákàtí bíi 2,000 lójúmọ́. Méjì jẹ́ 4,000. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, bátìrì ni owó máa wọlé sí. Ṣùgbọ́n bí yìnyín fúnra rẹ̀ bá lè gbà wọ́n di àárọ̀, páńẹ́ẹ̀lì ni ká pọ̀ sí, kí firísà fi oòrùn ọ̀sán dì dáadáa, kí bátìrì kàn máa ràn wọ́n lọ́wọ́ bí ìkùukùu bá bo ojú oòrùn tàbí bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra. Páńẹ́ẹ̀lì wáátì 550 kan, lọ́dọ̀ wa níbí, mo máa ń ka wákàtí 4 fún oòrùn tó mú dáadáa, mo sì máa ń yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò fún ooru, eruku àti wáyà. Ìyẹn jẹ́ bíi 1,650 lójúmọ́. Mẹ́ta tó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo kọ mẹ́rin fún un nítorí oṣù Keje àti Kẹjọ. Ìbéèrè méjì kúkúrú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ni mo fi dé ibẹ̀. Mi ò lè mọ ìkejì kí n tó gbọ́ ìdáhùn àkọ́kọ́, torí náà kò sí bí ó ṣe lè wà nínú ìwé tí mo ti kọ sílẹ̀ látilé.

Ọ̀kan tó máa ń wọ́pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni ti ọmọ tó wà ní Èkó tó fẹ́ ṣe é fún ìyá rẹ̀ nílé. Á ní “kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, pọ́ńpù omi nìkan.” Má fojú kéré “nìkan” yẹn. Pọ́ńpù họ́ọ̀sì 1 ń fa bíi wáátì 1,000 bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì lè fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá ń gbéra. Ìnfátà máa di kéfíéè 3.5 tàbí 5 nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n fi ń fa omi kún táńkì, èyí tí kò tó wáátì-wákàtí 350, nítorí náà bátìrì kò ní láti pọ̀. Ìbéèrè tó kàn síbẹ̀ ni bóyá ìyá lè máa fa omi nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná wá. Bí ó bá lè ṣe é, ìnfátà kékeré ti tó.

Èsì kan tó máa yọ ọ́ lẹ́nu ni “gbogbo ilé.” Àdánwò rẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ á fẹ́ lọ fa ìbéèrè 12 yòókù jáde. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Bi í pé: “Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, kí ni ẹ máa ń torí ẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀?” Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdáhùn ìyẹn, owó epo ti kọ́ wọn. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù oníná kì í sábà wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì wà, sọ fún un pé o yọ wọ́n, kí ó má bàa di ìjà lọ́jọ́ iwájú.

Ní ti àwọn ìbéèrè tí mo ní kí o yọ, wọn kò sọnù. Wákàtí, ìwọ fúnra rẹ ni kí o yan án, kí o sì kọ ọ́ sábẹ́ iye tí o bá dá: “Wákàtí 6 lálẹ́ ni mo fi ṣírò, kò sí éásì níbẹ̀.” Irú òrùlé, ibi tí òjìji igi ti ń bo ó, bí ibi tí ìnfátà máa wà ṣe jìnnà sí òkè, wáyà ilé àti ilẹ̀kùn tí bátìrì máa gbà wọlé, ojú rẹ ló máa dáhùn wọn lọ́jọ́ tí o bá lọ wo ilé. Mo fẹ́ kí o mú ìwé ìbéèrè rẹ dání lọ́jọ́ náà, kí o sì wo gbogbo wọn tán kí o tó ra ohunkóhun, nítorí páànù tó ti dípẹtà kò ní gbé páńẹ́ẹ̀lì, oníbàárà kò sì ní rántí sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù.

Àwọn kan kò ní dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo náà pàápàá. Fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà kí o fi iye ilé kékeré ránṣẹ́, kí o kọ ọ́ gedegbe pé kò sí fíríìjì tàbí pọ́ńpù nínú rẹ̀. Ẹni tó ní fíríìjì á pe ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.