Omi inú akúífà tí amọ̀ dé lórí

“Akúífà ni ipele iyanrìn abẹ́ ilẹ̀ tí omi kún inú ẹ̀. Amọ̀ dé òmíì lórí, òmíì ò sì ní ìdérí. Tí omi bá lọ sílẹ̀ mítà 1 nínú akúífà méjèèjì, ṣé iye omi kan náà la máa rí fà?”

Rárá o. Nínú èyí tí kò ní ìdérí, omi ń ro kúrò láàárín iyanrìn ni, afẹ́fẹ́ á sì rọ́pò ẹ̀. Ká ní ìdá tó lè ro jáde jẹ́ 0.2, tómi wá wálẹ̀ mítà 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní kìlómítà 1 níbùú àti lóòró, mítà kúbíìkì 200,000 nìyẹn.

Èyí tí amọ̀ dé lórí yàtọ̀ gan-an, torí omi ibẹ̀ wà lábẹ́ ìfúnpá, tá a bá gbẹ́ kànga débẹ̀ omi á gòkè kọjá orí akúífà yẹn fúnra ẹ̀, ìfúnpá yìí ló wá ń wálẹ̀, àárín iyanrìn ṣì kún dẹ́múdẹ́mú. Omi tá a rí ò ju pé omi fẹ̀ díẹ̀, iyanrìn náà sì fún pọ̀ díẹ̀. Tí ìdá tiẹ̀ bá jẹ́ 0.0002, mítà kúbíìkì 200 péré! Ìdí nìyẹn tí fífa omi níbẹ̀ fi tètè ń kan kànga tó jìnnà. Àmọ́ tómi kànga bá ti wálẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ amọ̀ yẹn, iyanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbẹ, 0.0002 ò sì ṣeé lò mọ́.