Báwo ni MPC ṣe ń pa ààlà mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni MPC, ìyẹn ọ̀nà ìdarí ẹ̀rọ tó ń fi àwòṣe ẹ̀rọ náà ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ níwájú, ṣe ń rí i pé àṣẹ tó ń fún ẹ̀rọ àti ohun tó ń tìdí rẹ̀ jáde kò kọjá ààlà?

Ìdáhùn: Inú ìṣirò gan-an ló ń kọ àwọn ààlà náà sí. Ó ń wá ètò tó dára jù fún ìgbésẹ̀ mélòó kan níwájú, ètò tó bá sì ré ààlà kọjá, kò ní mú un. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló ń lò. Á tún wọn nǹkan, á sì tún ìṣirò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ká ní a fẹ́ kí omi táǹkì kan dúró ní 80 sẹ̀ǹtímítà, kò sì gbọ́dọ̀ ju 85 lọ. Pọ́ǹpù ń fi 6 kún un ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, a kò sì lè dín in ju 2 lọ lẹ́ẹ̀kan. Omi wà ní 74. Tí MPC bá ń wo ìṣẹ́jú kan péré, á fi pọ́ǹpù sílẹ̀ ní 6, omi á dé 80 géérégé. Àmọ́ ó ti bọ́: bó ṣe wù kó tètè dín in tó, 84 ló kàn, lẹ́yìn náà 86. Tó bá ń wo ìṣẹ́jú mẹ́ta, láti 74 ló ti máa rí 86 yẹn, á sì lo 4, 2, 0: 78, 80, 80.

Ààlà pọ́ǹpù kò ṣeé tẹ̀ rárá. Ti omi ni a máa ń dẹ̀ díẹ̀, ká bu ìtanràn ńlá lé gbogbo ohun tó bá kọjá 85. Láìṣe bẹ́ẹ̀, bí òjò bá ṣàdédé rọ̀ sínú táǹkì, ìṣirò lè sọ pé kò sí ètò kankan tó bófin mu, pọ́ǹpù ò sì ní rí àṣẹ tuntun gbà.