Ohun tí ìwọ̀n ń kà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni nínú líìfìtì

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ o. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ní Kábbà níbí pé bí ènìyàn bá dúró sórí ilẹ̀, ilẹ̀ á máa tì í sókè pẹ̀lú ipá tó bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba. Mo wá rí ìbéèrè kan tí ẹni 60 kg wà nínú líìfìtì tó ń gbéra lọ sókè, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé 660 N ni ilẹ̀ fi ń tì í. Níbo ni 60 N tó lé yẹn ti wá? Ṣé líìfìtì máa ń sọ ènìyàn di ẹni tó wúwo sí i ni? Èmi ò wọ líìfìtì rí."

Òkun o, àbúrò. Ìwúwo rẹ kò yí padà rárá. Ìwúwo ni ipá tí ayé fi ń fà ọ́ sísàlẹ̀, ìyẹn mg, kò sì sí ohun tí líìfìtì lè ṣe sí i. Ohun tó yí padà ni ìtìsókè ilẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé wa ń fi lẹ́tà R dúró fún.

Òótọ́ ni ohun tí wọ́n kọ́ yín, fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́. Ìṣòro tí mo ń rí lára àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ni pé wọ́n gbà á bí òfin, pé R gbọ́dọ̀ jẹ́ mg níbi gbogbo. Kì í ṣe òfin. Òfin tó wà níbẹ̀ ni òfin kejì ti Níútìnì: bí o bá ro gbogbo ipá tó wà lára nǹkan pọ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni yóò yí eré nǹkan náà padà, ó sì jẹ́ máàsì lọ́nà ìyárasí, ma. Ìyárasí, a, ni bí eré nǹkan ṣe ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò bá sí ìyárasí ni R àti mg máa ń dọ́gba. Ilẹ̀ kò mọ ìwúwo rẹ. Ó kàn ń tì ọ́ tó bí ó ṣe yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ má baà wọ inú rẹ̀ lọ ni.

Jẹ́ ká wá mú ìbéèrè rẹ. Ipá méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹni yẹn. Ayé ń fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú 600 N (60 kg lọ́nà 10 m/s²), ilẹ̀ líìfìtì sì ń tì í sókè pẹ̀lú R. Kò sí ẹ̀kẹta. Bí líìfìtì bá ṣe ń gbéra, eré ẹni náà ń kúrò ní òdo, ó ń pọ̀ sí i lọ sókè. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ fún un ní eré yẹn. Okùn irin tó ń fa líìfìtì kò kan ara rẹ̀, ògiri kò kàn án, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kàn án. Nítorí náà iṣẹ́ méjì já lé ilẹ̀ léjìká: kí ó gbé 600 N tí ayé ń fà, kí ó sì tún fi nǹkan lé e tí yóò mú ẹni náà yára. Bí ìyárasí líìfìtì bá jẹ́ 1 m/s², ohun tí yóò fi lé e jẹ́ 60 lọ́nà 1. Ibẹ̀ ni 60 N rẹ ti wá.

```
R - mg = ma
R = m(g + a)
R = 60(10 + 1) = 660 N
```

Níbi tí ìdánwò ti máa ń mú àwọn ọmọ ni ọ̀nà tí ìyárasí kọjú sí. Wọ́n rò pé "líìfìtì ń lọ sókè" ló ń mú kí R pọ̀. Rárá. Ibi tí líìfìtì ń lọ kò kan R. Ohun tó kàn án ni ibi tí ìyárasí kọjú sí. Bí líìfìtì bá ti gbéra tán, tó ń bá eré kan náà lọ láti àjà kejì títí dé ìkẹsàn-án, ìyárasí jẹ́ òdo, R sì padà sí 600 N gẹ́lẹ́, bó tiẹ̀ ń sáré lọ sókè. Nígbà tó bá fẹ́ dúró lókè, eré rẹ̀ ń dín, ìyẹn ni pé ìyárasí ti kọjú sísàlẹ̀ bí líìfìtì fúnra rẹ̀ ṣì ń gòkè. Ìyárasí wá di −1, R sì di 60(10 − 1), ìyẹn 540 N. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ yí padà: nígbà tó bá ṣí kúrò lókè, 540 N, láàárín ọ̀nà, 600 N, nígbà tó bá ń tẹ bíréèkì láti dúró, 660 N. Wò ó dáadáa: líìfìtì tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ yìí. Bí o bá rí ìbéèrè líìfìtì, má kọ nǹkan kan kí o tó fa ọfà ìyárasí.

Kí n tó padà wálé wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, iṣẹ́ títún líìfìtì ṣe ni mo ń ṣe ní Àbújá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi dé eegun. Wọ́n pè wá sí ilé ọ́fíìsì kan. Líìfìtì wọn jẹ́ èyí tó ń gbé 630 kg, ènìyàn mẹ́jọ. Abẹ́ ilẹ̀ irú líìfìtì bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ẹrù, tí yóò ké bí ẹrù bá ti pọ̀ jù. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé ẹ̀rọ náà ń ké nígbà tí ẹrù kò tíì kún. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ṣáájú wa ti pààrọ̀ ẹ̀rọ náà, ó sì tún ń ké.

Mo wọ inú rẹ̀ mo sì gbọ́ ìgbà tó ń ké. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí tí àwọn ènìyàn wọlé, kò ké. Bí líìfìtì bá gbéra lọ sókè, ó ké ní ṣókí, ó dákẹ́. Láàárín ọ̀nà, kò ké. Bó bá dúró lókè, kò ké. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, kò ké nígbà tó gbéra, ṣùgbọ́n ó ké nígbà tó fẹ́ dúró. Ìgbà méjèèjì tó ń ké jẹ́ ìgbà tí ìyárasí kọjú sókè.

Fi ìṣirò sí i. Ká ní ẹrù 600 kg ló wà nínú rẹ̀, èyí tí kò kọjá ààlà. Bí líìfìtì bá dúró, ilẹ̀ ń gba 6000 N, ẹ̀rọ sì kà á sí 600 kg. Bó bá gbéra lọ sókè ní 1 m/s², ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ẹrù náà pẹ̀lú 600 lọ́nà 11, ìyẹn 6600 N. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé líìfìtì ń yára. Ó pín 6600 sí 10, ó ka 660 kg, ó sì ké. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ohun tó wọ́ ni pé ẹni tó ṣètò rẹ̀ fi ààlà sí 630 gan-an, ó sì jẹ́ kó máa kà á nígbà tí líìfìtì ń rìn. Ohun tí a ṣe ni pé a ṣètò rẹ̀ kó máa wọn ẹrù nígbà tí líìfìtì bá dúró nìkan, kí ilẹ̀kùn tó tì, nítorí ìgbà yẹn ni R dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo lóòótọ́. Igbe náà dópin.

Ìwọ̀n tí a ń gùn nílé náà kò yàtọ̀. Kò sí ìwọ̀n tó ń wọn ìwúwo rẹ. Ipá tí ẹsẹ̀ rẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wọ̀n, èyí sì dọ́gba pẹ̀lú R ní gbogbo ìgbà. Òfin kẹta ti Níútìnì nìyẹn, ibẹ̀ sì tún ni àṣìṣe ńlá kan wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ ọ́ pé R jẹ́ èsì sí ìwúwo, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá jẹ́ ìkejì ara wọn ní òfin kẹta ni, wọn kò ní lè yàtọ̀ láéláé, àní nínú líìfìtì. Ìkejì ìwúwo rẹ ni ipá tí ìwọ náà fi ń fa ayé sókè. Ìkejì R ni títẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ ilẹ̀. Ìwúwo àti R jọ wà lára ènìyàn kan ṣoṣo, àwọn tí òfin kẹta ń sọ sì máa ń wà lára nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

R ní ìsàlẹ̀ tí kò lè kọjá. Bí líìfìtì bá já bọ́ láìsí ohunkóhun tó dá a dúró, ìyárasí jẹ́ −10, R di 60(10 − 10), òdo. Ìwọ̀n á ka òdo, ìwúwo rẹ á sì ṣì jẹ́ 600 N, torí òun gan-an ló ń mú ọ já bọ́. Ilẹ̀ kò lè fa ènìyàn, títì nìkan ló mọ̀. Bí ìṣirò rẹ bá fún ọ ní R tó kéré sí òdo, mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀.

Bí o bá dé Àbújá tí o fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, gbé ìwọ̀n tó ní ọwọ́ tó ń yí dání. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń kọ nọ́ńbà máa ń dúró kí ara rẹ fara balẹ̀ kó tó kọ ohun tó rí, nígbà náà líìfìtì á ti gbéra tán. Bí eré líìfìtì bá jẹ́ 1.5 m/s, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ péré ni gbígbéra náà máa gbà ní 1 m/s². Bí o bá jẹ́ ẹni 60 kg, ọwọ́ ìwọ̀n náà á kọ́kọ́ sá kọjá 66 kg díẹ̀, torí sípíríǹgì inú rẹ̀ máa ń mì, kó tó fara balẹ̀.

Ṣùgbọ́n o kò nílò líìfìtì. Ní Kábbà níbẹ̀, lo irú ìwọ̀n kan náà, dúró lé e lórí kó fara balẹ̀, kí o wá yára tẹ eékún rẹ bí ẹni tó fẹ́ lóṣòó. Jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ara rẹ bá ṣe ń ṣí lọ sísàlẹ̀, á kọ́kọ́ jábọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwúwo rẹ. Bí o bá wá dá ara rẹ dúró nísàlẹ̀, á fò kọjá rẹ̀. Dìde lójijì, wàá rí òdìkejì: á kọ́kọ́ lọ sókè, á sì wá já wálẹ̀ bí o bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán. Kọ ohun tí ọwọ́ náà ṣe sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yẹn, kí o sì fa ọfà ìyárasí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan kò bá bára mu pẹ̀lú R = m(g + a), kọ̀wé sí mi kí a jọ wò ó.